Kí ló dé tí Amẹ́ríkà fi ń yọ 30% lára owó ìwé mi?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ní ìwé ìtàn mẹ́ta lórí Kindle, àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì ń rà wọ́n jù. Mo tún fi ápù orí fóònù ra ṣíà ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà díẹ̀ àti bọ́ńdì ìjọba wọn. Wọ́n ń yọ owó lára owó ìwé mi, wọ́n ń yọ lára èrè ṣíà, ṣùgbọ́n èlé bọ́ńdì ń wọlé pérépéré. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ń ta ìwé lórí Kindle, wọn kì í yọ kọ́bọ̀ lára tirẹ̀. Ṣé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ ni? Kí ni mo lè ṣe sí i?"

Ìdáhùn:

Rárá, wọn kò rẹ́ yín jẹ. Òfin Amẹ́ríkà ló ní kí wọ́n yọ 30% nígbà tí owó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, èrè ṣíà tàbí èlé bá ń ti ọ̀dọ̀ wọn lọ sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ tí kò sì gbé ibẹ̀. Ohun méjì ló lè dín in kù. Ọ̀kan ni kí òfin Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ dá irú owó bẹ́ẹ̀ sí. Èkejì ni kí orílẹ̀-èdè tí ẹ ń gbé ní àdéhùn owó-orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Ti àkọ́kọ́ ló gba èlé bọ́ńdì yín sílẹ̀, ti èkejì ló gba àbúrò yín. Owó ìwé yín àti èrè ṣíà yín kò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì dì mú.

Ẹ ò ní rí i kí òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kankan wá bá yín gba owó yìí. Amazon ló yọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú ṣíà náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ mọ̀ pé bí owó bá ti dé Ìbàdàn, apá àwọn kò ká a mọ́. Ohun tí àwọn oníbodè wa máa ń ṣe láyé àtijọ́ náà ni: ẹnu ibodè ni wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, torí bó bá ti kọjá, ó ti lọ nìyẹn. Òfin wá gbé ẹrù náà lé ẹni tó ń sanwó lórí. Bí Amazon kò bá yọ ohun tó yẹ kó yọ, Amazon ni IRS, ilé-iṣẹ́ owó-orí Amẹ́ríkà, yóò gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í gba àlàyé ẹnu. Bí kò bá sí ìwé lọ́wọ́ wọn tó fi hàn pé ó yẹ kí tiyín dín kù, iye tó ga ni wọ́n máa yọ.

Ohun kan tún wà tó máa ń dun àwọn òǹkọ̀wé gan-an, mo sì gbà pé ó yẹ kó dùn wọ́n. Lára gbogbo owó náà ni wọ́n ti ń yọ 30% yìí, kì í ṣe lára èrè. Owó tí ẹ san fún ẹni tó ya èèpo ẹ̀yìn ìwé, owó ẹni tó bá yín tún àṣìṣe kà, owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀, kò sí èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì pa owó tó ná sí i padà pàápàá á san án.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ìwé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń lọ́jú pọ̀ jù.

Oríṣi 30% méjì ló wà nínú owó ìwé yín, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń pa wọ́n pọ̀. Ká ní ìwé yín ń lọ ní $5, tí ẹ sì yan ètò 70%. Nígbà tí ẹnì kan bá rà á ní Amẹ́ríkà, Amazon á mú 30% tirẹ̀, ìyẹn $1.50, gẹ́gẹ́ bí owó òwò. Owó kékeré kan tún wà tí wọ́n ń yọ fún fífi ìwé náà ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ olùrà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìṣirò lè rọrùn. Ó ku $3.50. Èyí ni owó ẹ̀tọ́ yín. Owó-orí kò tíì wọ ọ̀rọ̀ náà rárá títí dé ibí yìí. Ìgbà tí ó bá kan ọjọ́ ìsanwó ni wọ́n máa yọ 30% owó-orí lára $3.50 náà, ìyẹn $1.05, tí $2.45 á sì kù fún yín. Ẹni tó bá wo $5 tó rí $2.45 á rò pé owó-orí ti jẹ ìdajì. Owó-orí kò mú ju $1.05 lọ. Èyí tó kù jẹ́ ti ọlọ́jà.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé, níbo ni owó náà ti wá? Ní ti ìwé, ibi tí wọ́n ti ń lò ó ni òfin Amẹ́ríkà ń wò. Kò ka ibi tí ẹ jókòó kọ ọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò ka ibi tí oríkò Amazon wà sí. Ìwé tí ará Houston rà, owó Amẹ́ríkà ni. Ìwé tí ará Manchester tàbí ará Toronto rà, kì í ṣe owó Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amazon kan náà ló san án.

Ká wá mú oṣù kan. Ká ní owó ẹ̀tọ́ yín lóṣù náà jẹ́ $200 lápapọ̀, tí $140 nínú rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà, tí $60 sì wá láti Ìlú Ọba, Kánádà àti ibòmíràn. Lára $140 nìkan ni wọ́n máa ti yọ, 30% rẹ̀ sì jẹ́ $42. Ohun tó yẹ kó wọ àkáǹtì yín ni $158, ká tó mẹ́nu kan owó tí báńkì yóò gbà. Bí ẹ bá rí i pé $60 ni wọ́n yọ, a jẹ́ pé wọ́n ti yọ 30% lára gbogbo $200 náà, ìyẹn kò sì tọ́. Inú àbọ̀ ìsanwó tí wọ́n ń fi sórí KDP, ìkànnì Amazon tí ẹ ti ń gbé ìwé sórí Kindle, lẹ ti lè rí i: ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀, iye tí wọ́n yọ sì máa ń wà níwájú rẹ̀. Ẹ wo ìlà Amazon.co.uk àti Amazon.ca. Òdo ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún owó-orí Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fídíò lórí YouTube, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí, láti oṣù Kẹfà ọdún 2021. Owó tó wá láti ọ̀dọ̀ òǹwòran tó wà ní Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń yọ 30% lára rẹ̀. Ká ní fídíò yín pa $1,000, tí $100 wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, $30 ni wọ́n máa yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀ tí kò kọ ìsọfúnni owó-orí sínú AdSense, àkáǹtì tí Google fi ń sanwó fún àwọn tó ń ṣe fídíò, rárá, Google lè yọ tó 24% lára gbogbo owó rẹ̀ káàkiri ayé, ìyẹn $240 lára $1,000 kan náà. Ìyàtọ̀ láàárín $30 àti $240 wà nínú fọ́ọ̀mù kan péré.

Fọ́ọ̀mù náà ni W-8BEN. Lórí KDP, ẹ ò ní rí i bí ìwé tí wọ́n ń tẹ̀. Ìbéèrè lẹ́sẹẹsẹ ni wọ́n máa bi yín, ìdáhùn yín ló sì máa di fọ́ọ̀mù. Lórí ápù ṣíà náà, ẹ ti fọwọ́ sí ọ̀kan lọ́jọ́ tí ẹ ṣí àkáǹtì, bóyá ẹ kò tilẹ̀ rántí mọ́. Ohun tí ẹ ń sọ níbẹ̀ ni pé èmi ni mo ni owó yìí, n kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, orílẹ̀-èdè báyìí ni mò ń gbé. Orúkọ yín ní láti bá ti àkáǹtì mu, ẹyọ lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ní ìlà 3, níbi tí wọ́n kọ Permanent residence address sí, ilé tí ẹ ń gbé gan-an ni wọ́n fẹ́, wọn kì í gba àpótí ìfìwéránṣẹ́. Ìlà 6a ni nọ́ńbà owó-orí yín ní Nàìjíríà ń lọ. Ìlà 8 ni ọjọ́ ìbí, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣi ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́: oṣù ni Amẹ́ríkà máa ń kọ ṣáájú ọjọ́. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá tó kọ 04-11 ti sọ fún wọn pé ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin ni wọ́n bí òun, kò sì ní bá ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ mu.

Apá kejì fọ́ọ̀mù náà, tí wọ́n pè ní Claim of Tax Treaty Benefits, ni ibi tí ènìyàn ti ń tọrọ ohun tí àdéhùn fún un. Ẹ̀yin tó ń gbé Nàìjíríà kò ní ohun kan láti kọ síbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

Fọ́ọ̀mù yìí kì í pẹ́ títí láé. Èyí tí ẹ bá fọwọ́ sí nígbàkígbà nínú ọdún 2025 yóò kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2028, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn òpin ọdún tí ẹ fọwọ́ sí i. Tí ẹ bá kó kúrò ní Nàìjíríà kó tó dìgbà náà, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti fi tó wọn létí. Bó bá kú tí ẹ kò sì ṣe òmíràn, èlé bọ́ńdì tó ń wọlé pérépéré lónìí ni ẹ óò kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ lára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ó kan èrè ṣíà báyìí. Níbí, ibi tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni wọ́n ń wò. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó bá pín èrè $50 fún yín, $15 á lọ, $35 á wọlé. Bí ẹ bá ti sọ fún ápù náà pé kó máa fi èrè ra ṣíà sí i fúnra rẹ̀, $35 ló máa rí rà, kì í ṣe $50. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ṣíà tí wọ́n ń tà ní New York ni ti Amẹ́ríkà. Shell àti Unilever wà lórí ọjà náà, ilé-iṣẹ́ Ìlú Ọba sì ni àwọn méjèèjì. Amẹ́ríkà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí èrè wọn lọ́wọ́ yín, Ìlú Ọba ní tirẹ̀ kì í sì í yọ owó-orí lára irú èrè ṣíà bẹ́ẹ̀ tó bá ń lọ sókè òkun. Nítorí náà bí ápù yín bá yọ 30% lára èrè Shell, ẹ bi wọ́n léèrè.

Bí ẹ bá ta ṣíà lérè, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹni tó ra ṣíà ní $400 tó tà á ní $520, Amẹ́ríkà kì í yọ nǹkan kan lára $120 tó jẹ lérè, níwọ̀n ìgbà tí kì í bá gbé ibẹ̀. Torí èyí ni àwọn kan tó ń gbé Nàìjíríà ṣe fẹ́ràn ilé-iṣẹ́ tó ń fi èrè rẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe ju èyí tó ń pín in lọ. N kò sọ pé kí ẹ tà tàbí kí ẹ rà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé owó-orí wà nínú ìṣirò náà.

Èlé ni èyí tó yà yín lẹ́nu. Ní ọdún 1984 ni Amẹ́ríkà yí òfin rẹ̀ padà, torí wọ́n fẹ́ kí owó ilẹ̀ òkèèrè máa wọlé wá yá ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ wọn. Àwọn tó ń yáni lówó ní àǹfààní láti gbé owó wọn lọ síbòmíràn, wọn kò sì ní fara mọ́ 30%. Láti ìgbà náà ni èlé orí bọ́ńdì ìjọba Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ bọ́ńdì ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ owó-orí àyọsílẹ̀ yìí, bí ẹni tó ni ín kì í bá ṣe ará ibẹ̀. Èlé tí báńkì wọn ń san lórí owó tí àlejò fi pamọ́ náà bọ́. Kò nílò àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn fi ń jẹ ẹ́ bí ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe ń jẹ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó so ó ró ni W-8BEN tó ṣì wà láàyè. Òun ni ẹ̀rí wọn pé ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀. Bó bá kú, ẹ̀rí ti kú, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú bọ́ńdì náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi méjì tí ìdásílẹ̀ yìí ti ń já. Àkọ́kọ́ ni bí ẹ bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ tí ẹ yá lówó. Ká ní ẹ ní ìdá mẹ́wàá nínú agbára ìdìbò ilé-iṣẹ́ kan tí ọ̀rẹ́ yín dá sílẹ̀ ní Texas, tí ẹ sì yá ilé-iṣẹ́ náà ní $10,000 ní èlé 8% lọ́dún. Èlé yín jẹ́ $800. Ọ̀rẹ́ yín gbọ́dọ̀ yọ $240 nínú rẹ̀ fún IRS, bí kò bá sì ṣe é, orí rẹ̀ ló máa já sí. Èkejì ni bí ẹ kò bá ra bọ́ńdì fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé àjọ ìdókòòwò tó kó bọ́ńdì jọ ni ẹ ra ìpín nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ápù ń pè ní ETF. Ohun tí àjọ náà ń pín fún yín á jáde lórúkọ èrè ṣíà, wọ́n sì lè yọ 30% lára rẹ̀, àyàfi èyí tí àjọ náà bá kéde pé inú èlé ló ti wá. Bọ́ńdì kan náà ni, owó ìjọba kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ gbà dì í mú ti yí i padà.

Ní ti àbúrò yín, Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ àdéhùn ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2001. Lábẹ́ rẹ̀, owó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tó ń ti Amẹ́ríkà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba kò ní owó-orí àyọsílẹ̀ kankan. Èlé náà kò ní. Èrè ṣíà ni wọ́n ń yọ 15% lára rẹ̀. Nítorí náà bí òun náà bá ní ṣíà tó pín $50, $7.50 ni wọ́n máa yọ lọ́wọ́ tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti yọ $15 lọ́wọ́ yín. Kò kàn ṣàdédé rí i gbà, ó ní láti kọ ọ́ sí apá kejì W-8BEN pé Ìlú Ọba lòun ń gbé, kó sì fi nọ́ńbà owó-orí ibẹ̀ sí i. Bó bá gbàgbé, 30% ni wọ́n máa yọ lára tirẹ̀ náà. Owó rẹ̀ kò sì bọ́ pátápátá: HMRC, ilé-iṣẹ́ owó-orí Ìlú Ọba, ń retí kó kéde owó ìwé náà lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí àdéhùn ṣe ni pé ó fi ẹ̀tọ́ láti gba owó-orí náà sọ́wọ́ ibi tó ń gbé.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ibi tí ènìyàn ń gbé ni mo ń tọ́ka sí látòkè wá, n kò sọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà. Bí àbúrò yín bá ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan, ìyẹn kò yí nǹkan kan padà, níwọ̀n ìgbà tó bá ti jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló ń san owó-orí sí. Lọ́jọ́ tó bá kó padà wá sílé, 30% ń dúró dè é.

Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn yìí pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Bẹ́nẹ̀, Tógò àti Gánà náà kò ní. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Íjíbítì, Mòrókò, Tùnísíà àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ní i. Àdéhùn tí Nàìjíríà ní pẹ̀lú Ìlú Ọba, Kánádà, Faransé àtàwọn mìíràn kò lè ràn yín lọ́wọ́ lórí owó tó ti Amẹ́ríkà wá, torí àárín orílẹ̀-èdè méjì tó tọwọ́ bọ ọ́ nìkan ni àdéhùn kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ Ìlú Ọba, ẹ bá mi sọ èyí fún àbúrò yín, bó bá ní ṣíà báńkì tàbí ti sìmẹ́ńtì nílé. Nàìjíríà náà ń yọ owó-orí lẹ́nu ibodè tirẹ̀: 10% lára èrè ṣíà tó ń lọ sókè òkun. Èrè ₦100,000 á di ₦90,000 kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Àdéhùn Nàìjíríà àti Ìlú Ọba ti ọdún 1987 sọ pé Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbà ju 15% lọ lọ́wọ́ ẹni bí tirẹ̀, àwọn kan sì máa ń bẹ̀rù pé wọ́n máa yọ 15% náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òpin ni 15% jẹ́. Bí òfin ilé bá ní 10%, 10% náà ni wọ́n ń gbà. Nígbà tó bá ń kéde owó náà fún HMRC, kó fi ₦10,000 tí wọ́n ti yọ hàn wọ́n, wọn á fi dín ohun tí òun yóò san níbẹ̀ kù, bí owó-orí tó jẹ wọ́n lórí èrè náà bá tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè ohun tí ẹ lè ṣe sí i. Mo máa kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe, torí ó dá mi lójú pé ẹnì kan ti ń dámọ̀ràn ọ̀kan nínú rẹ̀ fún yín.

Ẹ má ṣe kọ àdírẹ́sì àbúrò yín sínú W-8BEN. Mo mọ̀ pé ó dùn ún wò, $42 lóṣooṣù kì í ṣe owó kékeré ní náírà. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìbúra ni ènìyàn ti ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn, irọ́ lábẹ́ ìbúra sì ni ẹ ń pa fún ìjọba Amẹ́ríkà. Àkáǹtì báńkì Nàìjíríà tàbí fóònù tó ń wọlé láti Ìbàdàn lójoojúmọ́ tó láti jẹ́ kí Amazon béèrè ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì lè ti àkáǹtì náà pa pẹ̀lú owó tó wà nínú rẹ̀.

Èkejì ni àwọn tó ń polówó pé kí ẹ ra LLC, irú ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Wyoming tàbí Delaware, pé bí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bá ló ń gba owó, 30% ti parí. Bí ẹ̀yin nìkan bá ló ni LLC náà, tí ẹ kò sì yàn kí wọ́n máa kà á sí ilé-iṣẹ́ fún owó-orí, IRS kò kà á sí nǹkan kan lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò, W-8BEN yín náà ni ẹ máa fi sílẹ̀, 30% náà sì ni wọ́n máa yọ. Ẹ ó tún ti dá iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún ara yín: LLC bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù 5472 ránṣẹ́ sí IRS lọ́dún tí owó bá kọjá láàárín òun àti ẹni tó ni ín. Owó ìtanràn fún ẹni tí kò fi í ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti $25,000. Ẹ fi wé $42 lóṣù.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ rí i pé wọn kò yọ ju ohun tó tọ́ lọ. Ìwé tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n ni 1042-S. Amazon àti ilé-iṣẹ́ ṣíà yín gbọ́dọ̀ fi tiwọn sílẹ̀ fún yín ó pẹ́ tán ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, fún owó ọdún tó kọjá. Orí àkáǹtì yín ni ẹ ti máa wà á jáde. Ní àpótí 1, ẹ máa rí nọ́ńbà irú owó tó jẹ́: 12 ni owó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, 06 ni èrè ṣíà ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, 01 ni èlé. Àpótí 2 ni gbogbo owó kí wọ́n tó yọ nǹkan. Àpótí 3b ni ìdá tí wọ́n fi yọ ọ́, àpótí 7a sì ni iye tí wọ́n yọ.

Ká ní gbogbo oṣù dà bí èyí tí a ṣírò lókè. Àpótí 2 lórí ìwé Amazon yẹ kó jẹ́ $1,680, ìyẹn $140 lọ́nà méjìlá, àpótí 7a yẹ kó sì jẹ́ $504. Bí àpótí 2 bá jẹ́ $2,400, a jẹ́ pé wọ́n ti ka owó Manchester àti Toronto mọ́ ti Amẹ́ríkà. Bákan náà, bí ẹ bá rí 01 lórí ìwé ilé-iṣẹ́ ṣíà tí 30 sì wà ní 3b rẹ̀, èlé bọ́ńdì yín ló kó sínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé W-8BEN yín ti kú.

Bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹni tó yọ owó náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ọdún tó parí bó bá ṣeé ṣe. Wọ́n lè dá a padà fúnra wọn kí ìwé ọdún náà tó jáde. Bó bá ti kọjá lọ sọ́dọ̀ IRS, àfi kí ẹ̀yin fúnra yín béèrè rẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 1040-NR, pẹ̀lú 1042-S lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa nílò nọ́ńbà owó-orí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ITIN, èyí tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù W-7 gbà. Ọ̀nà jíjìn ni. Fún àṣìṣe $20, n kò ní dá a lábàá. Fún àṣìṣe $600, mo máa ní kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun máa bá yín gba 30% tó tọ́ padà. Èyí tí òfin ní kí wọ́n yọ lára ìwé tí ẹ tà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì yọ bó ṣe yẹ, kò ní ìdápadà.

Ó ku ti ilé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni òfin owó-orí tuntun Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó ń gbé Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ kéde owó tó ń wọlé fún un láti òkè òkun pẹ̀lú. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni tiyín ń lọ, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta sì ni gbèdéke. Ẹ tẹ 1042-S méjèèjì jáde, ti Amazon àti ti ilé-iṣẹ́ ṣíà, kí ẹ sì kọ iye tí dọ́là jẹ́ sí náírà ní ọjọ́ tí owó kọ̀ọ̀kan wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ni ẹ̀rí tí ẹ óò gbé síwájú òṣìṣẹ́ owó-orí pé Amẹ́ríkà ti mú $504 lára owó náà kó tó dé Ìbàdàn. Gbèdéke tilé fi ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré tẹ̀ lé ọjọ́ tí 1042-S gbọ́dọ̀ jáde, nítorí náà bí ẹ kò bá tíì rí i lórí àkáǹtì yín lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹta, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ kejì.